Omi Abẹ́ Àpótí Ẹ̀fọ́: Ihò Kékeré Tó Dí Nínú Fíríìjì

Ẹ fa àpótí ẹ̀fọ́ tó wà nísàlẹ̀ fíríìjì jáde, ẹ bá omi lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ nù ún, ó gbẹ. Kó tó di ọ̀túnla, omi ti tún dúró síbẹ̀, tòmátì ti ń rà, ewé ẹ̀fọ́ ti ń yọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sú yín, ẹ ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn fẹnu sí i pé gáàsì ló ń jò, kí ẹ wá owó gáàsì.

Gáàsì fíríìjì kì í di omi sílẹ̀. Bó bá jò, inú afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ, àmì tí ẹ ó sì rí ni pé fíríìjì ò ní tutù dáadáa mọ́. Bí fíríìjì yín bá ń tutù bó ṣe yẹ, tí omi sì ń dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ihò kan ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Ihò kékeré ni, ó wà nísàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn nínú fíríìjì, lókè àpótí ẹ̀fọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti lo fíríìjì fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Omi tó yẹ kó gba ibẹ̀ jáde kò wá láti inú ẹ̀rọ. Inú afẹ́fẹ́ ilé yín ló ti wá. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gbé omi tí ojú kò lè rí, bó bá sì kan ohun tó tutù, omi náà á jáde sí gbangba. Ìdí nìyẹn tí ìgò omi tútù fi máa ń làágùn tí a bá gbé e sórí tábìlì. Nínú fíríìjì, ògiri ẹ̀yìn ló tutù jù, torí páìpù tí gáàsì ń gbà kọjá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ara ògiri yìí ni omi inú afẹ́fẹ́ ń dì sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àkókò òjò ni, ní Èkó, tí inú ilé gbóná tó 30°C, tí ọ̀rìnrìn inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 80 nínú 100. Afẹ́fẹ́ tó kún inú àpótí kan tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan á gbé omi tó tó gíráàmù 24. Bí ẹ bá mú afẹ́fẹ́ yẹn tutù dé 4°C, kò ní lè gbé ju gíráàmù 6 àti díẹ̀ mọ́. Ìyókù gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Fíríìjì tí inú rẹ̀ gba lítà 200 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún àpótí yẹn. Nítorí náà, nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ títí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi yí padà tán, omi tó lé ní gíráàmù 3 ló wọlé. Kò tó ṣíbí tíì kan. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí àwọn ọmọ ti ń ṣí fíríìjì ní ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́, omi yẹn lè tó ìdajì ife. A ò tíì ka ọbẹ̀ gbígbóná tí wọn ò dé lórí, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò jẹ́ kó ro tán, àti ilẹ̀kùn tí rọ́bà etí rẹ̀ ti ya, tí afẹ́fẹ́ ń gbà á wọlé tọ̀sán-tòru.

Nínú àwọn fíríìjì tó wọ́pọ̀ jù ní ilé wa, àwọn tí fírísà wọn máa ń dì ní yìnyín tí a sì ń tú u fúnra wa, ọ̀nà tí omi yìí ń gbà jáde kò le rárá. Nígbà tí kọ́ńpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀rìnrìn á di yìnyín fẹ́lẹ́ lára ògiri ẹ̀yìn. Bí fíríìjì bá ti tutù tó, kọ́ńpírẹ́sọ̀ á dákẹ́, ògiri á lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, yìnyín á yọ́, omi á sì máa ṣàn wálẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán omi tó ń tò lára ògiri yẹn, ẹ má dààmú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Nísàlẹ̀ ògiri ni wọ́n ti ṣe ojú àgbàrá kékeré kan tó dà gẹ́rẹ́ sí ibi tí ihò wà. Ihò náà so mọ́ páìpù rọ́bà tó gba àárín fómù ara fíríìjì kọjá sí ẹ̀yìn, tó sì ń ro sínú àwo rọ́bà kan tó jókòó lórí kọ́ńpírẹ́sọ̀. Ooru kọ́ńpírẹ́sọ̀ ló ń gbẹ omi inú àwo náà díẹ̀díẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ déédéé, ẹnikẹ́ni ò ní rí omi kankan.

Bí ihò bá wá dí, ojú àgbàrá á kún, omi á bo etí rẹ̀, á sì tẹ̀lé ògiri lọ sí ilẹ̀ fíríìjì. Òmíràn á ro sínú àpótí ẹ̀fọ́, èyí tó pọ̀ jù á dúró sábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kì í tètè dé. Bí kò bá sí ẹni tó nù ún, yóò kún títí tí yóò fi gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde sí ilẹ̀ kíṣìnnì, ìgbà yẹn ni gbogbo ilé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe.

Kí ló ń dí i? Ní ilé tiwa, mo lè sọ pé ewé ló burú jù. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ, gbúre, ewédú, ohun tí a máa ń dì sínú ọ̀rá tí a sì ń tì mọ́ ẹ̀yìn pátápátá kí àyè lè gba nǹkan mìíràn. Ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ògiri, á bá yìnyín dì pọ̀, nígbà tí yìnyín bá sì yọ́, ewé kan tàbí èèpo àlùbọ́sà á já bọ́ sínú ojú àgbàrá. Omi á gbé e lọ sẹ́nu ihò. Hóró ata náà ń débẹ̀, àti ìdọ̀tí ọbẹ̀ tó dà sílẹ̀ tí wọn ò nù tán. Lẹ́yìn náà ni ohun yíyọ̀ kan tó máa ń hù níbi tí omi àti ìdọ̀tí bá ti ń pàdé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bo inú páìpù. Òun ló máa ń dí páìpù pátápátá, kódà bí ẹ bá ti yọ ewé kúrò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé omi ihò ni omi tí ẹ rí. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ kan gbáko, yìnyín inú fírísà á yọ́, omi rẹ̀ á sì wá sísàlẹ̀. Ìyẹn ò ní kí ihò dí, bí iná bá dé tí ó sì dúró, omi náà ò ní padà. Bí inú fíríìjì bá gbẹ ṣùgbọ́n tí omi ń jáde lábẹ́ rẹ̀ látẹ̀yìn, ẹ wo àwo orí kọ́ńpírẹ́sọ̀: ó lè ti sán, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu páìpù ti yà kúrò lókè rẹ̀. Bí omi bá dúró sórí pẹpẹ òkè nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkòkò tàbí ọ̀rá kan ló fara kan ògiri, tí omi wá ń gba ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dípò kó lọ sí ojú àgbàrá.

Àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ wà lẹ́yìn fíríìjì. Ẹ fà á síta díẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àwo orí kọ́ńpírẹ́sọ̀. Ní àkókò òjò, ó yẹ kí ẹ bá omi díẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí ó kéré tán kí ẹ rí ojú ibi tí omi ti gbẹ. Bí àwo náà bá gbẹ táútáú, tí eruku bò ó, tí omi sì kún abẹ́ àpótí ẹ̀fọ́ nínú ilé, ẹ ti rí ìdáhùn yín. (Nígbà ọyẹ́, àwo lè gbẹ láìsí àléébù kankan, nítorí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ò ní omi lára.)

Ìyá kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn ń ta èlò ọbẹ̀, fíríìjì wọn sì máa ń kún fún ẹ̀fọ́ ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Wọ́n ti sanwó gáàsì lẹ́ẹ̀kan fún omi yìí, omi ò sì lọ. Ọmọkùnrin wọn tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ló padà tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn.

“Màmá, ẹ wá wo inú àwo yìí.”

“Àwo wo? Àwo wà lẹ́yìn níbẹ̀?”

Àwo wà níbẹ̀, eruku ló sì kún inú rẹ̀. Ọmọ náà pa fíríìjì, ó yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì pátápátá, ó kó gbogbo ohun inú rẹ̀ jáde, ó yọ àpótí ẹ̀fọ́ àti gíláàsì tó bò ó, ó sì nu ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ìgbà yẹn ni ihò náà wá hàn. Ewé gbúre kan tó ti dúdú ló bò ó lójú. Ó fi ìka méjì yọ ọ́, ó da omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sínú ojú àgbàrá. Omi dúró, kò lọ síbì kankan. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n yọ ewé, wọ́n rò pé ó tán, nígbà tí ìdènà gangan ṣì wà nísàlẹ̀ nínú páìpù.

Ohun tó lò lẹ́yìn náà ni síríńjì ńlá tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, láìsí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ẹnu síríńjì mọ́ ihò dáadáa, ó sì kọ́kọ́ fà á; kò tì í. Ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tì í, ìdọ̀tí á lọ há sí ibi tí páìpù ti tẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó fà á, ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ kan gòkè wá pẹ̀lú òórùn tó le gan-an. Ó fà á títí tí ohun tó ń jáde fi di omi lásán. Ó wá po ṣíbí tíì kan bákíǹ sódà mọ́ ife omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ méjì, ó da díẹ̀ sínú ihò, ó fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ohun yíyọ̀ tó kù lè rọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi síríńjì tì í wọlé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lójijì, omi inú ojú àgbàrá rì, a sì gbọ́ bó ṣe ń ro sínú àwo lẹ́yìn, pẹ̀lú èérún ewé dúdú nínú rẹ̀.

Kò dúró níbẹ̀. Ó fọ àwo, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó wọn omi ife kan, ó dà á sínú ihò, ó sì lọ wò ó lẹ́yìn bóyá gbogbo rẹ̀ dé. Ó dé. Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí. Bí omi bá wọ ihò ṣùgbọ́n tí kò dé inú àwo, páìpù ti já nínú ara fíríìjì, omi náà sì ń wọ inú fómù. Fómù tó mu omi kì í tètè gbẹ, kì í sì í dá òtútù dúró mọ́, irin tó wà nítòsí rẹ̀ á sì máa dípẹtà. Ẹ dá omi dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́.

Omi tí ẹ ó lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè fara dà. Omi híhó á tẹ rọ́bà ẹnu ihò, ó sì lè tú ibi tí páìpù ti so. Ohun kan náà ni mo ní í sọ nípa pọ́ǹpù táyà tí àwọn kan fi ń fẹ́ ihò yìí: agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti páìpù lọ, ó lè yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ihò láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń la páìpù ilé ìwẹ̀ kò sì yẹ ní ibi tí oúnjẹ wà.

Wáyà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ fi wáyà gún ihò tó dí, ó sì lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n páìpù gáàsì wà lẹ́yìn ògiri tínínrín yẹn, kò sì nípọn. Bí ṣóńṣó wáyà bá yà kúrò lọ́nà tó sì lu páìpù, gáàsì á jáde tán, fíríìjì tí omi lásán ń bá jà á sì di èyí tí kò tutù mọ́. Àtúnṣe rẹ̀ wọ́n, torí inú fómù ni páìpù wà. Ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun sì ń lo gáàsì tí wọ́n kọ R600a sí ara bébà rẹ̀, èyí tó lè gbiná. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀bẹ ha yìnyín, ẹ má fi irin gún ihò. Bí síríńjì kò bá tó, okùn rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń di wáyà pọ̀ dára, nítorí ó ń tẹ̀, kò sì ní ṣóńṣó. Ẹ tì í títí dé ibi tó bá ti kọ̀, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Fíríìjì mìíràn ní ọ̀pá rọ́bà kékeré kan nínú ihò rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Kò jábọ́ síbẹ̀ o, wọ́n fi í síbẹ̀ láti máa ti ìdọ̀tí ni. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà.

Nígbà mìíràn, ìdènà náà kì í ṣe ìdọ̀tí, yìnyín ni. Ìyẹn ò nílò agbára kankan. Ẹ pa fíríìjì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú, ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kó máa yọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá dì gan-an lè gbà tó ọjọ́ kan. Bó bá ti yọ́ tán, ẹ fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ dán an wò. Ẹ má gbàgbé ẹnu páìpù tó wà lẹ́yìn náà: nínú fíríìjì mìíràn, rọ́bà kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ là tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, kí omi lè jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná wọlé. Ohun yíyọ̀ máa ń lẹ etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Fífọ̀ lásán ló fẹ́.

Fíríìjì tí kì í dì ní yìnyín, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní nó-fúrọ́ọ̀sì, yàtọ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ sì le jù fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yìn pátákó fírísà ni páìpù tútù rẹ̀ pamọ́ sí. Láàárín ọjọ́ kan, ẹ̀rọ agbóná kan máa ń yọ́ yìnyín tó bò ó ní ìgbà mélòó kan, omi á sì gba ihò abẹ́ rẹ̀ lọ sí àwo ìsàlẹ̀. Bí ihò yẹn bá dí, omi á tún dì níbẹ̀, yìnyín pẹlẹbẹ á máa tẹ́ lórí ilẹ̀ fírísà, títí tí omi yóò fi wá ọ̀nà mìíràn sọ̀ kalẹ̀ sínú fíríìjì ìsàlẹ̀, tí yóò sì dúró sí abẹ́ àpótí ẹ̀fọ́ kan náà. Yìnyín pẹlẹbẹ yẹn ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá rí i, títú yìnyín fún ọjọ́ kan lè yanjú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá padà, ẹni tó mọṣẹ́ ni yóò tú pátákó ẹ̀yìn, tí yóò wo bóyá ẹ̀rọ agbóná ń dé ẹnu ihò. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń so irin tínínrín kan mọ́ ẹ̀rọ agbóná, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wọ inú ihò, kí ooru lè débẹ̀.

Lẹ́yìn tí ihò bá ti là, ohun tó kù fún yín kéré. Ẹ jẹ́ kí àyè tó fẹ̀ tó ìka kan wà láàárín ẹrù àti ògiri ẹ̀yìn, ẹ di ẹ̀fọ́ lẹ́nu dáadáa, kí ẹ sì máa da ìdajì ife omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ihò náà lóṣooṣù.

Bí ẹ bá sì ní láti pe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ẹ sọ fún un ṣáájú pé fíríìjì yín ń tutù, omi ló ń dúró nísàlẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún un, ẹ ní kó da ife omi kan sínú ihò náà lójú yín, kí ẹ̀yin fúnra yín sì lọ wò ó nínú àwo lẹ́yìn bóyá ó dé.